Ìsàlẹ̀ Ikùn Tó Ń Dunni, Ibà àti Omi Ojú Ara: Ohun Tí Obìnrin Máa Ṣe Kí Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Pé

Bí obìnrin bá ní ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun tí ara rẹ̀ sì gbóná, ní Iléṣà tiwa níbí, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Wọ́n á ra oògùn ibà fún un ní kẹ́mísìtì. Bí kò bá lọ, ó di táífọ́ọ̀dù. Bó bá wá jẹ́wọ́ pé omi kan ń dà lójú ara òun tó sì ń rùn, ó di tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n, wọ́n á sì di kápúsù díẹ̀ sínú ọ̀rá fún un. Kí wọ́n tó pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ.

Àìsàn kan wà tó máa ń kó àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jọ lára obìnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní Pí-Áì-Dì. Kòkòrò ló gba ojú ara wọlé, tó gun ọrùn ilé-ọmọ, tó wọ inú ilé-ọmọ, tó sì dé inú tíúùbù méjèèjì tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá. Kòkòrò àtọ̀sí àti ti kàlámídíà, tí èèyàn máa ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń fà á. Àwọn kòkòrò mìíràn tó máa ń gbé ojú ara obìnrin tẹ́lẹ̀ náà sì lè bá wọn gòkè, nígbà mìíràn àwọn nìkan ló máa ń gòkè. Orí ṣáńgá kọ́ ni èèyàn ti ń kó o. Ẹ jẹ́ ká ti pa ìyẹn tì.

Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló máa ń ká mi lára jù nínú àìsàn yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1993 fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n dúró tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìdá, kí wọ́n tó gba ìtọ́jú, ewu pé wọn ò ní rí oyún ní mọ́, tàbí pé oyún á dúró síta ilé-ọmọ, tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó tètè lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ní Ìsọ̀kún ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 26 ni, ó ti bí ọmọ kan, ó sì fẹ́ bí òmíràn. Nǹkan oṣù rẹ̀ parí lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó sì ń ro ó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ibi tó ń dunni gan-an

Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí ẹ fi ìka tẹ ikùn díẹ̀díẹ̀ láti òkè ìdodo wá sí ìsàlẹ̀. Ìrora Pí-Áì-Dì máa ń wà nísàlẹ̀ ìdodo, lókè irun abẹ́, ó sì máa ń wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀gbẹ́ kan lè dun ju ìkejì lọ, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé àyíká ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún nísàlẹ̀, tí oúnjẹ ò sì wù yín rárá, ẹ fura sí apẹ́ńdísì. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń tọ̀ ló ń ta yín, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n yín ṣáá, ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀ ló ní kòkòrò.

Ẹ wá bi ara yín ní àwọn ìbéèrè tí ojú máa ń tini láti dáhùn. Ṣé inú ń dunni tí ọkọ bá wọlé jinlẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù méjì? Omi tó ń jáde ńkọ́, ṣé ó ti yí padà, ó ti pọ̀ sí i, ó ti pọ́n bí ọyún, tàbí ó ń rùn? Ibà ọlọ́kan-ò-jọ̀kan lè mú kí gbogbo ara ro èèyàn, títí kan ikùn, àmọ́ ibà kì í mú kí ọyún jáde lójú ara, kì í sì í mú kí ìbálòpọ̀ dunni.

Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ lo oògùn èyíkéyìí pẹ̀lú orúkọ oògùn náà. Nǹkan oṣù ṣe pàtàkì níhìn-ín. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó di ọrùn ilé-ọmọ pa kì í dènà dáadáa nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ Pí-Áì-Dì tó wá láti ara àtọ̀sí tàbí kàlámídíà máa ń yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ti aránṣọ wa bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí oyún bàjẹ́ lára wọn, tí wọ́n ṣẹ́ oyún, tàbí tí wọ́n fi lúùpù ìfètòsọ́mọbíbí sínú ilé-ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, kò gbọdọ̀ fara pamọ́.

Bí tẹmómítà bá wà nílé, ẹ fi wọn ara yín. Aránṣọ yìí kò ní, ó kàn mọ̀ pé òun ń gbọ̀n lóru. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má fi àìsí ibà dá ara yín lójú: ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní Pí-Áì-Dì ni ara wọn kì í gbóná rárá, pàápàá tó bá jẹ́ kàlámídíà ló fà á. Tí ibà bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìgbà tí ẹ ò ní dúró di ọ̀la

Ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ tàbí tí ẹ mọ̀ pé ẹ lóyún; bí ojú bá ń ṣú yín tàbí tí ẹ dákú; bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà; bí èjìká bá ń dun yín láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹrù; bí ikùn bá le koránkorán; tàbí bí ẹ bá ń bì débi pé oògùn kò lè dúró. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ oyún tó dúró sínú tíúùbù tó sì ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kójọ sínú ikùn, òun ló sì ń ta èjìká. Oògùn apakòkòrò kò lè ràn án lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ ló kàn.

Àmì kan tún wà tí a kì í sábà kọ sínú ìwé, àmọ́ tí àwọn obìnrin fúnra wọn máa ń sọ. Tí ọ̀kadà bá fò kọjá kòtò tàbí gegele ojú títì, tí inú sì ta yín débi tí ẹ fi di ikùn mú, ó lè jẹ́ pé awọ tó bo ìfun nínú ikùn ti ń gbiná. Kò yẹ kí ẹ padà sílé lọ mu àgbo lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ má ra oògùn kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò

Ibí yìí ni ọ̀nà ti yà fún aránṣọ wa. Lọ́jọ́bọ̀, ó ra oògùn ibà, ó lò ó. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní yàrá ìdánwò kékeré kan, wọ́n ní ìdánwò Wídàlì jáde, táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò ọjọ́ márùn-ún. Ìrora dín díẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó padà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdánwò Wídàlì kan ṣoṣo kò lè fi táífọ́ọ̀dù múlẹ̀ nílẹ̀ wa, torí ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ti pàdé kòkòrò náà rí máa ń dáhùn sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí táífọ́ọ̀dù lára wọn lọ́jọ́ náà. Oògùn apakòkòrò tó sì lò náà ṣe nǹkan tó burú ju pé kò ṣiṣẹ́ lọ: ó pa díẹ̀ nínú kòkòrò, ó jẹ́ kí ibà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú tíúùbù. Ìdùnnú ọjọ́ méjì yẹn ló jẹ́ kó pàdánù ọjọ́ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù.

Bákan náà ni fífọ ojú ara nínú. Ẹ má fi Dẹ́tọ́ọ̀lù, álọ́ọ̀mù, omi iyọ̀ tàbí ewé wẹ inú ojú ara. Òórùn lè lọ lọ́jọ́ kan, àmọ́ àwọn kòkòrò rere tó ń dáàbò bo ibẹ̀ á kú. Ìta ni kẹ́ ẹ fi omi lásán fọ̀.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló tọ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, bí ẹ bá rówó ra á: ìdánwò oyún ti inú ìtọ̀. Ó máa sọ fún dókítà ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ wò. Bó bá jáde pé oyún wà, ẹ lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n fi síkáànù wo ibi tí oyún wà.

Ilé ìwòsàn wo ni? Ní Iléṣà, ilé ìwòsàn Wẹ́sílì wà, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bí ẹ bá wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ náà ni. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ní Pí-Áì-Dì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Dókítà tàbí agbẹ̀bí tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú ara wò, tó sì lè fún yín lábẹ́rẹ́, tó fún èyí tí kò tíì le. Àwọn tí mo kà sí ìgbésẹ̀ kejì ni ilé ìwòsàn ńlá yẹ fún láìjáfara.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àyẹ̀wò tí ojú ń tini, òun lojú ọ̀rọ̀

Lọ́jọ́ Ajé ni aránṣọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.6. Ìdánwò oyún sọ pé kò sí oyún. Ìdánwò ibà kíákíá náà sọ pé kò sí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú, a máa yẹ̀ yín wò lábẹ́," nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fa aṣọ ìkélé.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà ò lè sọ ọ́ ni?"

Kò lè sọ ọ́. Dókítà á kọ́kọ́ fi irin ìlajú ara wo ọrùn ilé-ọmọ, bóyá ọyún ń jáde látinú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka méjì wọlé, á fi ọwọ́ kejì tẹ ikùn láti òkè, á sì rọra ti ọrùn ilé-ọmọ sọ́tùn-ún àti sósì. Lára obìnrin tó lálàáfíà, èyí kì í dùn ún, ó kàn máa ń rí i lára bí ohun àjèjì ni. Lára aránṣọ wa, bí ìka ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ìdí rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbá ọwọ́ dókítà mú. Àyẹ̀wò yìí ló ti dáhùn.

Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé rọrùn: bí obìnrin tó ń ní ìbálòpọ̀ bá ní ìrora ìsàlẹ̀ ikùn, tí kò sí ohun mìíràn tó ṣàlàyé rẹ̀, tí ọrùn ilé-ọmọ, tàbí ilé-ọmọ fúnra rẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dunni nígbà tí wọ́n bá ṣí i nípò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn kì í dúró de èsì ìdánwò. Tí wọ́n bá ṣì í ṣe, ẹni náà á lo oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lásán. Àmọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, tíúùbù lè bàjẹ́ títí láé.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò omi ojú ara tí wọ́n máa ń fi òwú ṣe náà gbọ́dọ̀ yé wa. Òwú yẹn kì í dé tíúùbù. Ó lè jáde pé kò sí nǹkan, kí ọyún sì wà lókè. Ó sì lè jáde pé sitáfù wà, tí wọ́n á sì dẹ́rù ba obìnrin fún oṣù mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé sitáfù lè máa gbé ara èèyàn láìṣe nǹkan kan. Ìdánwò tó dára jù ni èyí tó ń wá àtọ̀sí àti kàlámídíà gan-an. Tí wọ́n bá ní i níbi tí ẹ wà, kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n tún bá yín wo kòkòrò éèdì àti rẹ́kórẹ́kó, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oògùn, àti bí wọ́n ṣe ń kà á

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú ẹni tí kò nílò ibùsùn, torí kòkòrò tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ séfitírásóònù sínú iṣan ìdí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Dókítà ló máa mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 2021 sọ mílígírámù 500 fún ẹni tí kò tó kílò 150. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń ta, wọ́n máa ń fi oògùn tó ń pa ìrora pọ̀ ọ́n. Ìkejì ni dokisisáíkìlìnì mílígírámù 100 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìkẹta ni mẹtironidasóòlù mílígírámù 400 tàbí 500, láàárọ̀ àti lálẹ́ náà. Ọjọ́ 14 ni wọ́n máa fi lo méjèèjì.

Mi ò kọ èyí kẹ́ ẹ lè lọ rà á fúnra yín o. Mo kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè kà á. Ọjọ́ 14, ẹ̀ẹ̀méjì lójúmọ́, kápúsù 28 ni dokisisáíkìlìnì gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí ẹ bá dé kẹ́mísìtì tí wọ́n fún yín ní káàdì kan tó ní mẹ́wàá, oògùn ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Aránṣọ wa kà á lójú ẹni tó tà á fún un, ó béèrè ìyókù. Mẹtironidasóòlù tiwa wọ́pọ̀ ní oní mílígírámù 200, nítorí náà méjì-méjì ni yóò lò nígbà kan, 56 ni gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ oní mílígírámù 400, 28 ni.

Bí ẹ ṣe máa lò ó náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ife omi ńlá kan gbé dokisisáíkìlìnì mì, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún ìdajì wákàtí, torí tó bá há sọ́nà ọ̀fun, á dá egbò síbẹ̀. Ẹ má fi mílíìkì lò ó, kí ẹ sì fi wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ya á kúrò lára oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin àti oògùn àpòòlúkù. Oòrùn lè jó ara yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ń tajà ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà láìsí ibòji gbọ́dọ̀ wá agbòòrùn. Mẹtironidasóòlù máa ń mú ẹnu korò bí irin, ó sì lè jẹ́ kí ìtọ̀ dúdú díẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, títí kan paraga àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, nítorí ó lè mú kẹ́ ẹ bì gidigidi.

Ẹ sọ fún dókítà bí ara yín bá ti kọ oògùn kan rí, bí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí bí ẹ bá lóyún. Aboyún kì í lo dokisisáíkìlìnì, bó bá sì ní Pí-Áì-Dì, ilé ìwòsàn ni yóò gbé.

Bí lúùpù bá wà nínú yín, wọn kì í yọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n á wo bí ara ṣe ń dáhùn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá sí ìyípadà, ìgbà yẹn ni wọ́n á rò ó láti yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ padà láàárín wákàtí 72

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí owó ọkọ̀. Ẹ má fò ó. Ní wákàtí 72, ibà gbọ́dọ̀ ti lọ, ìrora gbọ́dọ̀ ti dín kù kedere, àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ náà ò sì gbọdọ̀ dunni bíi ti àkọ́kọ́. Omi ojú ara lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tí aránṣọ yìí padà, ara rẹ̀ ti wá sí 37.1, ó rìn wọlé láìtẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ibà ṣì wà ni, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á fi síkáànù wo ẹ̀gbẹ́ ilé-ọmọ méjèèjì. Ohun tí wọ́n á máa wá ni àpò ọyún tó ti kójọ síbi tíúùbù àti ilé ẹyin, tí méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan lọ́wọ́ lè tán èyí tó kéré. Èyí tó tóbi, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn fà á jáde tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Tí àpò náà bá bẹ́ sínú ikùn, ó lè pani. Ẹni tí ìrora ìsàlẹ̀ rẹ̀ dín kù, tí ìhà ọ̀tún lókè lábẹ́ egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bó bá mí kanlẹ̀, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú: kòkòrò yìí lè gòkè dé awọ tó bo ẹ̀dọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀rọ̀ ọkọ

Èyí le ju abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo ọkùnrin tó bá obìnrin náà lò pọ̀ láàárín ọjọ́ 60 ṣáájú kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, kódà bí nǹkan kan ò ṣe é. Bí wọn ò bá ṣe é, obìnrin á parí kápúsù 28, á sùn ti ọkọ lóru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kòkòrò á sì tún wọlé.

"Bàbá Dámi, wọ́n ní kẹ́ ẹ bá mi dé ilé ìwòsàn," aránṣọ wa ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ ti sùn. "Kòkòrò ló wà nínú ilé-ọmọ mi. Wọ́n ní bí a ò bá jọ lo oògùn, ó máa padà, ó sì lè dí ọ̀nà ọmọ tí à ń wá."

"Èmi? Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Níbo lo ti rí i?"

"Wọ́n ní ó lè wà lára ọkùnrin kó má ṣe nǹkan kan. Wọn ò bi mí níbi tó ti wá, èmi náà ò bi yín."

Òótọ́ ló sọ. Kàlámídíà lè jókòó sí ara ọkùnrin tàbí obìnrin fún oṣù púpọ̀ láìfi àmì kan hàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ìdánwò òní mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o wá. Mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ tú, àmọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bá tọkọtaya sọ ọ́ pọ̀, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ lè lù ú tó bá gbọ́, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó sọ fún ọkọ, kí wọ́n jọ wá ọgbọ́n sí i. Méjèèjì kò ní ní ìbálòpọ̀ títí tí àwọn méjèèjì yóò fi parí oògùn, tí ara obìnrin náà yóò sì fi balẹ̀. Bí àtọ̀sí tàbí kàlámídíà bá jáde nínú ìdánwò, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹ́kù nínú tíúùbù

Tíúùbù yìí tín-ínrín púpọ̀. Níbi tó ti há jù, ihò inú rẹ̀ kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Irun wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbá ẹyin lọ sínú ilé-ọmọ. Nígbà tí ọyún bá jókòó síbẹ̀, irun yẹn á kú, ògiri méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, àpá á sì dúró. Oògùn ń pa kòkòrò, kò lè tú àpá.

Ní ìlú Lund, ní Síwídìn, àwọn dókítà fi irinṣẹ́ tó ń wo inú ikùn dá àìsàn yìí mọ̀ dájú lára àwọn obìnrin, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún púpọ̀. Èsì tó jáde ní 1992 fi hàn pé nínú àwọn tó ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 8 nínú 100 ni tíúùbù dídí kò jẹ́ kó lóyún. Àwọn tó ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó sún mọ́ 20. Àwọn tó ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 40. Ẹ wo bó ṣe ń tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ nìyẹn. Àwọn mìíràn á lóyún, àmọ́ ìrora ìsàlẹ̀ ikùn á máa bá wọn lọ fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ, pàápàá lásìkò ìbálòpọ̀.

Nínú ìwádìí kan náà, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn àìsàn yìí dúró síta ilé-ọmọ lára nǹkan bí 9 nínú 100, nígbà tó jẹ́ pé lára àwọn tí kò ṣe, kò pé 2. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n kọ fún aránṣọ wa lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlà kan tó kàn án lọ́jọ́ iwájú: bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, kí ó ṣe ìdánwò oyún, bó bá wà, kí ó ṣe síkáànù láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje, kí ó sì sọ fún ẹni tó ń wò ó pé òun ti ṣe Pí-Áì-Dì rí.